Koríko tó di àmì ohùn

Ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó sí. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe to ìwé àwòrán ọmọdé kan, ojú ìwé 24 péré, àti bí koríko tí wọ́n yà sẹ́yìn ọ̀rọ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilé àna Ìjàpá di nǹkan mìíràn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ọ̀rọ̀ àti àwòrán pọ̀ fún àwọn tó fẹ́ tẹ̀wé. Yàrá kékeré kan lórí òkè, lẹ́yìn Allen Avenue n'Íkẹjà, ni mo ti ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ Allen mọ̀ pé ọ̀rọ̀ lórí àwòrán kì í ṣe nǹkan tuntun níbẹ̀. Pátákó lọ́tùn-ún, pátákó lósì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni pátákó ń sọ fún ẹni tó jókòó nínú dáńfó, ẹni náà sì ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ńkọ́? Ìka ló fi ń tọ ọ̀rọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Tí ohunkóhun bá dí i lójú, ó dúró nìyẹn.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé ìwé náà wá. Gbogbo wa ń pè wọ́n ní Mọ̀mí. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n fẹ́ fi tẹ ẹ̀dà 1,000, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni owó náà tó í tẹ̀. Tó bá bàjẹ́ lórí ẹ̀rọ, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Àlọ́ tí wọ́n mú jẹ́ èyí tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ dàgbà. Ìjàpá lọ kí àwọn àna rẹ̀. Ó yọ́ wọ ilé ìdáná, ó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà, ó sì dé e mọ́rí nígbà tí wọ́n pè é. Àwọn àna wá ń sìn ín sọ́nà, ìkíni ò tán bọ̀rọ̀, àsáró ń jó o lórí. Ìgbà tó máa fi ṣí fìlà, irun ti lọ. Ìdí nìyẹn tí orí Ìjàpá fi pá.

Àwòrán ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀gbọ́n kan ló yà á, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa, kí n má parọ́. Àmọ́ kò sí igun kan tí kò ya nǹkan sí: koríko, òkúta wẹ́wẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìẹ mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá jókòó síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan ṣoṣo wò, èyí tí Ìjàpá ti dé ilé àna. Gbólóhùn méjì ló wà níbẹ̀: "Ìjàpá dé ilé àna rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja." Ìsàlẹ̀ ojú ìwé ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà sí, lórí koríko. Báwo lẹ ṣe máa ń ya koríko? Ìlà tínínrín, tó dà sí ọ̀tún díẹ̀. Àmì òkè náà ńkọ́? Ìlà tínínrín, tó dà sí ọ̀tún díẹ̀. Ẹ ti rí ibi tí mò ń lọ, àbí?

Ewé koríko kan kọjá lórí "a" tó gbẹ̀yìn nínú "àna". Ó di "àná".

Lédè Gẹ̀ẹ́sì, tí koríko bá kan lẹ́tà, lẹ́tà ṣì ni lẹ́tà. Ó kàn rí jákujàku díẹ̀ ni. Lédè Yorùbá, ìlà kékeré yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀. Òjò tí a yà ní ìlà dídà lè di àmì ohùn. Iyanrìn tí a fi ẹ̀kán bíńtín-bíńtín yà lè sọ "o" di "ọ", kó sì sọ "s" di "ṣ". Nítorí náà, ẹni tó bá ń to ìwé Yorùbá fún ọmọdé kò lè kàn bi ara rẹ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó jọ àmì.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún Mọ̀mí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé o mọ iye tí mo san lórí àwọn koríko yẹn ni? O wá fẹ́ pa wọ́n rẹ́?"

Mo ní, "Ẹ má bínú mà. Díẹ̀ níbẹ̀ ni, kì í ṣe gbogbo ẹ̀."

"Fi àpótí funfun sábẹ́ ọ̀rọ̀. Ṣebí bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ ń ṣe é. Àpótí funfun ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ hàn, n ò jiyàn. Àmọ́ ó máa ń dà bí ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri onílé. Ojú ọmọ á máa lọ sí àpótí yẹn kó tó rí Ìjàpá, torí òun ló funfun jù nínú gbogbo àwòrán. Ní ìwé yìí, àpótí náà máa bo ọwọ́ Ìjàpá níbi tó ti dọ̀bálẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ni ẹ̀rín tó wà níbẹ̀.

N ò bá wọn fà á. Mo tẹ ojú ìwé náà síta bó ṣe wà. Ọmọ ìyá tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé wa, ọmọ ọdún méje, wọlé wá, mo ní kó bá mi kà á. Ó fi ìka tọ̀ ọ́, ó ń pè é ketekete: "Ìjàpá dé ilé... àná... rẹ̀." Ó dúró. Ó gbójú sókè. "Àǹtí, ṣé àná náà ní ilé ni?"

Mọ̀mí bú sẹ́rìn-ín. Olùkọ́ ni wọ́n, ọmọ ló lè dá wọn lẹ́jọ́. "Ó dáa. Pe ẹ̀gbọ́n yẹn kó padà wá."

Ohun tí ẹ̀gbọ́n náà ṣe kò pọ̀. Kò pa àwòrán rẹ́. Ilé àna náà ní ògiri amọ̀ fífẹ̀ kan, ó yọ àwọn òkúta àti ojú là-là-là tó wà lára rẹ̀ kúrò, ó jẹ́ kó dán, àwọ̀ rẹ̀ sì ń fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ sókè. A gbé ọ̀rọ̀ kúrò lórí koríko, a gbé e sórí ògiri. Koríko tí Mọ̀mí sanwó ẹ̀ wà níbi tó wà. Ògiri kò jọ àpótí, torí ògiri ni tẹ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń wá ibi ìjókòó fún ọ̀rọ̀ nìyẹn: ẹ wo inú ayé tó wà nínú àwòrán náà, ẹ wá ohun tó máa ń dákẹ́ níbẹ̀. Ojú ọ̀run, ògiri, ẹní, èéfín tó ń jáde láti orí ààrò, odò tó dúró jẹ́ẹ́. Tí ẹ bá ṣì wà nídìí fífi pẹ́ńsù yà á, kó ọ̀rọ̀ gidi sórí ìwé, ní ìwọ̀n tí ẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ tó fi ọ̀dà kan kàn án. Lẹ́yìn tí ọ̀dà bá ti gbẹ, ẹ̀bẹ̀ lẹ máa máa bẹ olùyàwòrán.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ dákẹ́ tó? Ẹ tẹ ojú ìwé náà ní dúdú àti funfun nìkan, ẹ má fi àwọ̀ sí i. Ọ̀rọ̀ aláwọ̀ ewé lórí pupa lè dùn-ún wò lójú kọ̀ǹpútà, àmọ́ tí àwọ̀ bá kúrò, méjèèjì lè di eérú kan náà. Tí ọ̀rọ̀ bá rì sínú eérú yẹn, ẹ wá ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ na ìwé síwájú tó gígùn apá, kẹ́ ẹ fún ojú pọ̀. Ohun tó yẹ kó kù lójú yín ni ibi kan tó mọ́ àti ìlà dúdú dúdú lórí rẹ̀.

Inú ilé ìdáná fún wa ní wàhálà tiẹ̀. Ó ṣókùnkùn, Mọ̀mí sì fẹ́ ọ̀rọ̀ funfun lórí dúdú. Ó dùn-ún wò lójú kọ̀ǹpútà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọ̀ mẹ́rin ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń tẹ̀ léra wọn: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú. Òkùnkùn ilé ìdáná yẹn jẹ́ àpapọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ funfun jẹ́ ihò tí a dá sí láàárín wọn, tí ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀ náà bá sì yẹ̀ díẹ̀ péré, ihò náà á dí. Lẹ́tà ńlá lè yè é. Àmì abẹ́ "ẹ" tó kéré bíńtín, kò ní yè é. Àsáró Ìjàpá á di nǹkan tí ò lóhùn.

A jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ìta wọlé láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó tàn sílẹ̀ ní yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ dúdú sì jókòó sínú ìmọ́lẹ̀ náà. Nínú fáìlì, dúdú nìkan ni mo fún gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé: `C0 M0 Y0 K100`. Ìdí ni pé dúdú tí a fi àwọ̀ mẹ́rin pò lè ní òjìji pupa tàbí búlúù létí tí ẹ̀rọ bá yẹ̀. Àwo kan ṣoṣo kò lè yẹ̀ kúrò lára ara rẹ̀.

Fọ́ǹtì ńkọ́? `Andika` ni mo lò. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó ṣe é sì ní ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà lọ́kàn. "a" rẹ̀ jọ èyí tí olùkọ́ ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Ohun tó tún gbà mí níbẹ̀ ni pé "ẹ́" àti "ọ̀" kò ní nọ́ńbà àdáni tiwọn nínú kọ̀ǹpútà. Ńṣe ni a ń to `U+1EB9` àti `U+0301` pọ̀ kí "ẹ́" tó jáde. Fọ́ǹtì tí kò bá gbọ́ èyí á gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà, tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó fẹ́ràn fọ́ǹtì kankan, ẹ tẹ "ọ̀pọ̀lọ́" àti "ẹ̀gbẹ́" sínú rẹ̀ ná.

Ìwọ̀n 20 ni lẹ́tà wa, àlàfo láti ìlà kan sí èkejì sì jẹ́ 32. Pẹ̀lú fọ́ǹtì yẹn, ó fẹ̀ ju bí ẹ ṣe máa ń rí i nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì lọ, kì í sì í ṣe afẹ́. Àmì abẹ́ "ọ" ìlà òkè ń bọ̀ nísàlẹ̀, àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ ń lọ sókè. Tí ẹ bá fún wọn pọ̀, wọ́n á pàdé lójú ọ̀nà, ọmọ ò sì ní mọ èwo ni ti ta ni.

Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti ríbi jókòó. Ó ku ohun tó le jù: ṣíṣí ìwé.

Ẹ rántí bí ìyá àgbà ṣe ń pàlọ́. Tí wọ́n bá dé ibi tó gbóná, wọ́n á dákẹ́. Wọ́n á wo ojú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin á máa pariwo, "Kí ló wá ṣẹlẹ̀?" Ìwé kò lè dákẹ́ kó máa wo ojú ọmọ. Ohun kan ṣoṣo tó ní ni ojú ìwé tí a ò tíì ṣí. Ibẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ ìyá àgbà ń gbé nínú ìwé.

Bí Mọ̀mí ṣe pín ìtàn wọn, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìlà márùn-ún márùn-ún, kí wọ́n lè dọ́gba. Ní 20, lọ́wọ́ òsì, wọ́n ní kí Ìjàpá ṣí fìlà. Ní 21, lọ́wọ́ ọ̀tún, àsáró ti ń ṣàn. Ojú ìwé méjèèjì dojú kọra, ojú ọmọ sì máa ń dé ara àwòrán kí etí rẹ̀ tó gbọ́ ọ̀rọ̀. Olùkọ́ á ṣì máa ka "wọ́n ní kó ṣí fìlà", kíláàsì á ti máa rẹ́rìn-ín. Àlọ́ ti tú kí wọ́n tó pa á tán.

Mo mú bébà A4 mẹ́fà, mo ká wọn sí méjì, mo fi sítápù dè wọ́n láàárín. Bébà kan tí a ká ń fúnni ní ojú ìwé mẹ́rin, mẹ́fà wá di 24. Ojú ìwé 1 wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ó dá wà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni 2 àti 3, 4 àti 5, títí dé 22 àti 23. Ojú-méjì mọ́kànlá nìyẹn. 24 náà dá wà ní ìparí. Mo fi bírò ya èèyàn onígi sí i, mo wá ń kà á sókè bí ẹni ń pàlọ́. Níbi tí ohùn mi bá ti fẹ́ dúró tí ọwọ́ mi kò sì ní nǹkan tó máa ṣí, mo mọ̀ pé ìyípadà ojú ìwé ti ṣubú sí ibi tí kò yẹ.

Ìrìnàjò Ìjàpá gba ojú-méjì mẹ́ta nínú ti Mọ̀mí: ó ń múra, ó wà lọ́nà, ó ń sọdá odò. Mo sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹyọ kan ní 2 àti 3, ọ̀nà wíwọ́ kan tí Ìjàpá fara hàn lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Àwòrán mẹ́ta tí wọ́n ti sanwó fún kò wọ ìwé mọ́, ẹ̀gbọ́n sì ní láti ya tuntun. Ó dun Mọ̀mí, ó sì dun ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n àyè méjì tí a rí níbẹ̀rẹ̀ ni a gbé lọ síbi fìlà.

Ẹ bá mi ka bó ṣe wá rí. Ní 12 àti 13, Ìjàpá ń bu àsáró lọ́wọ́ òsì, ọwọ́ ìyá àna kan ṣoṣo ló wọlé láti etí ọ̀tún, ó gùn kọjá àárín ìwé. A ò rí ojú wọn. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀tún ni: "Ta nìyẹn?" Tí ẹ bá ṣí i, Ìjàpá ti dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

A kò ṣèèṣì fi ọwọ́ yẹn sí 12 àti 13 o. Nínú ìwé oní-24 tí a fi sítápù dè, ibẹ̀ nìkan ni ojú ìwé méjèèjì ti jẹ́ bébà kan náà. Níbòmíràn, òsì àti ọ̀tún ti wá láti ara bébà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n sì lè fi mìlímítà kan tàbí méjì yẹ̀ síra. Ọwọ́ tó bá kọjá àárín níbẹ̀ á dà bíi pé ó ti ṣẹ́. Ojú èèyàn àti ọ̀rọ̀ ni a kì í fi síbẹ̀ rárá. Mo fi sẹ̀ńtímítà kan ààbọ̀ jìnnà sí àárín ìwé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan.

16 àti 17 ni ìkíni bẹ̀rẹ̀. Ẹ kílé o. Ẹ kí Yánníbo. Ẹ kí ará àdúgbò. 18 àti 19, ìkíni ṣì ni, ọ̀rọ̀ tún pọ̀ sí i, àwòrán náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀, àfi òógùn tó ń bọ́ àti èéfín kékeré létí fìlà. Ibẹ̀ la fi ọ̀rọ̀ sí jù nínú gbogbo ìwé, torí a fẹ́ kó pẹ́. Ẹni tó ń kà á gbọ́dọ̀ kí gbogbo ìdílé tán, kí ara ọmọ má gbà á mọ́.

20 àti 21: "Ìjàpá di fìlà mú." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Ọwọ́ lórí fìlà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣí i. 22 àti 23: àsáró, láti etí dé etí. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan.

Mọ̀mí ní, "Ojú ìwé tí kò lọ́rọ̀? Àwọn òbí á ní mo rẹ́ wọn jẹ." Mo fi ìwé Maurice Sendak hàn wọ́n, `Where the Wild Things Are`, tó jáde ní 1963. Àwòrán inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní kékeré, ó ń tóbi bí a ṣe ń ṣí i, ó ń ti ọ̀rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, títí ojú-méjì mẹ́ta fi tẹ̀ léra wọn láìsí ọ̀rọ̀ kankan, nígbà tí ọmọ náà àti àwọn ẹranko ń jó. Mọ̀mí ṣí i lọ, wọ́n ṣí i bọ̀. Wọ́n ní, "Hẹn. Ọmọ ló máa sọ tibẹ̀."

Àríyànjiyàn tó kẹ́yìn wà ní 24. Àwòrán orí Ìjàpá tó ń dán ni, òun nìkan. Mọ̀mí fẹ́ kọ ẹ̀kọ́ síbẹ̀ pé olè jíjà kò dára. Wọ́n ní àlọ́ tí kò bá lẹ́kọ̀ọ́ kò tíì parí, n ò sì lè bá wọn jiyàn, bí wọ́n ṣe tọ́ wa náà nìyẹn. Mo kàn ní tí ọ̀rọ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ̀rín ò ní rí àyè. Níkẹyìn, ẹ̀kọ́ lọ sí inú èèpo ẹ̀yìn, tó kọjú sí 24, ní lẹ́tà kékeré fún olùkọ́. Orí Ìjàpá dá wà lórí bébà funfun.

Fáìlì ti lọ sí Ṣómólú lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ẹ̀dà kan fún wa kí wọ́n tó tẹ 1,000, lórí bébà gan-an tí wọ́n máa lò. Nígbà tó dé, Mọ̀mí ò wo àwòrán. Wọ́n fi ìka tọ ọ̀rọ̀, ojú ìwé dé ojú ìwé, wọ́n ń wo abẹ́ gbogbo "ọ" àti orí gbogbo "a". Nígbà tí wọ́n dé "ilé àna rẹ̀", wọ́n kà á sókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì fọwọ́ sí i.